Ẹni tí ẹ ò mọ̀ tẹ orúkọ rẹ̀ nìkan ránṣẹ́: èsì wo ló yẹ?

*"Lálẹ́ àná, ẹnìkan tí nọ́ńbà rẹ̀ ò sí nínú fóònù mi tẹ 'Táíwò' sí mi lórí Wásáàpù. Kò kí mi, kò sọ nǹkan mìíràn. Ṣé àìlẹ́kọ̀ọ́ kọ́ nìyẹn? Kí ni kí n fèsì? Àkúrẹ́ ni mò ń gbé."*

Ó lè má jẹ́ àìlẹ́kọ̀ọ́ rárá. Béèyàn bá gba nọ́ńbà yín lóde ìyàwó tàbí nídìí ọjà ní Ọjà Ọba, ó sábà máa ń ní, "Ẹ jẹ́ n tẹ orúkọ mi sí yín, kẹ́ ẹ lè fi pamọ́." Ó tẹ̀ ẹ́, ó parí nìyẹn. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ rántí ẹni tẹ́ ẹ fún ní nọ́ńbà láìpẹ́ yìí.

Bí ẹ ò bá rántí ẹnikẹ́ni, ọ̀rọ̀ di ti ẹnu ọ̀nà. Àlejò ló ń ké "Àgò o!", onílé á ní "Àgò yà", àlejò á wọlé, á sì kí ará ilé. Lọ́nà yìí, Táíwò jẹ yín ní ìkíni. Ṣùgbọ́n ọmọdé náà ló ń kọ́kọ́ kí àgbà, ẹ ò sì mọ èyí tó dàgbà nínú ẹ̀yin méjèèjì. Orúkọ náà ò lè sọ fún yín. Ó fi hàn pé ìbejì ni, pé òun ló kọ́kọ́ jáde (bó tilẹ̀ jẹ́ pé Kẹ́hìndé là ń pè ní ẹ̀gbọ́n), àmọ́ ọkùnrin ń jẹ́ ẹ, obìnrin ń jẹ́ ẹ. Ẹ má tíì kọ "Bọ̀ọ̀dá", ẹ má kọ "Àǹtí", ẹ má sì pe orúkọ náà lásán. "Táíwò wo?" ti le jù. Èmi á kọ ọ́ báyìí:

"Ẹ kú alẹ́ o. Mo rí iṣẹ́ yín. Ẹ má bínú, níbo la ti mọra?"

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ṣe ni pé ojú ń tì wá láti sọ pé a ò mọ èèyàn, la bá ń bá a parí ọ̀rọ̀: "Àbí Táíwò ti Ìjọ̀kà ni?" Oníjìbìtì ń wá irú èyí. Orúkọ tó wọ́pọ̀ ló fi ránṣẹ́, ẹ̀yin lẹ sọ àdúgbò fún un, á ní "Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni", kó tó di pé ó ń bẹ̀ yín fún owó díẹ̀. Ẹ jẹ́ kóun fúnra rẹ̀ sọ ibi tẹ́ ẹ ti pàdé àti ẹni tó mú yín mọra. Ẹni tó mọ̀ yín lóòótọ́ á sọ ọ́ wéré: "Èmi tí mo ra aṣọ lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ Sátidé, tí ẹ ní kí n padà wá fún ìborùn." Bó bá ń yí i, tó ń ní "Ṣé ẹ ti gbàgbé mi ni?", ẹ tún béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i, kẹ́ ẹ sì dákẹ́.

Bó bá wá jẹ́ ọmọdé, òun náà á tọrọ àforíjì pé òun ò kí yín. Kẹ́ ẹ tó fi nọ́ńbà náà pamọ́, ẹ fi ibi tẹ́ ẹ ti mọra kún orúkọ náà, torí Táíwò mìíràn ń bọ̀ lọ́nà.