Jẹnẹrétọ̀ orí pèpéle tó ń mi ilé: ẹ má tíì sanwó irin

“Ẹ̀yin ará, Houston ni mo wà. Jẹnẹrétọ̀ 20 kVA tí mo fi ránṣẹ́ sílé, orí pèpéle irin ni àbúrò mi gbé e sí nítorí omi òjò. Tí wọ́n bá ti tàn án, fèrèsé a máa gbọ̀n, ife a máa rìn lórí tábìlì. Wẹ́dà ní irin abẹ́ rẹ̀ kò le tó, kí n fi owó irin méjì kún un ránṣẹ́. Ṣé kí n fi ránṣẹ́?”

Ẹ má tíì fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Mo ka ọ̀rọ̀ yín, àyà mi já, nítorí ohun tí wẹ́dà tèmi náà sọ nìyẹn, mo sì gbọ́ tirẹ̀.

Ilé ìyá mi ní Ajah ni tèmi. Ẹ mọ bí àdúgbò yẹn ṣe máa ń rí tí òjò bá dé. Mo ní kí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sókè kí omi má bà á jẹ́. Àbúrò mi ọkùnrin ló bójú tó iṣẹ́ náà, èmi ń fi owó ránṣẹ́ láti Manchester. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ tàn án, ó ń gbọ̀n díẹ̀, kò sí ẹni tó bínú. Ìyá mi nìkan ló ń ráhùn pé òun ń gbọ́ ọ lábẹ́ ẹsẹ̀. Àbúrò mi wá sọ gbólóhùn kan tí mo fojú fò: “Bùọ̀dá, tó bá ń ṣiṣẹ́, kò burú. Ìgbà tí a bá pa á ló máa ń gbọ̀n gìrìgìrì kó tó kú.” Ká ní mo fetí sí i, owó mi ì bá wà lọ́wọ́ mi.

Wẹ́dà ní irin kò le tó. Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu létí ẹni tó wà lókè òkun. Wọ́n fi irin méjì kún méjì tó wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n tàn án, àbúrò mi pè mí, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n bí ilé náà. Rẹ́ńdà ara ògiri là, páìpù èéfín ya níbi tó ti wọ ògiri, aládùúgbò sì fi ẹjọ́ sùn. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọn kì í dáhùn ìwé ẹnikẹ́ni fún oṣù mẹ́ta dé láàárín ọjọ́ méjì, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sára géètì ìyá mi. Ọ̀gá wọn ní kí n mú lẹ́tà wá láti ọwọ́ ẹnjiníà tó ní èdìdì COREN, àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ ẹnjiníà. Ìyẹn ló ṣe mí lóore, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbínú ni mo fi wá ẹnjiníà náà.

Ohun tó ṣàlàyé fún mi nìyí. Ohunkóhun tó wúwo, tó jókòó lórí ohun tó ń tẹ̀ tó sì ń padà, ní iye ìgbà tó máa ń mì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan tí èèyàn bá gbá a lẹ́ẹ̀kan tó sì fi í sílẹ̀. Mìmì àbínibí rẹ̀, f, nìyẹn. Ìwúwo ohun tó ń mì, m, àti líle ohun tó gbé e, k, ló ń pinnu rẹ̀. Bí ẹ gbá a kíkankíkan, iye yẹn kò yí padà.

```
f = (1/2π) · √(k/m)
```

Jẹnẹrétọ̀ tèmi ń yí ní ìgbà 1500 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, 25 Hz. Nítorí pé ohun tó ń yí nínú rẹ̀ kì í dọ́gba délẹ̀délẹ̀, ìgbà 25 ló ń ti pèpéle ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Tí mìmì àbínibí pèpéle bá wá jẹ́ 25 náà, títì kọ̀ọ̀kan á bá a níbi tó ti fẹ́ lọ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ti wọ dánfó rí mọ̀ ọ́n: tí awakọ̀ bá dúró ní gáréèjì tí ẹ́ńjìnnì ń rọra ṣiṣẹ́, ara ọkọ̀ á máa gbọ̀n débi pé eyín á máa lu eyín. Tó bá tẹ iná mọ́ ọn, ara ọkọ̀ á rọlẹ̀. Agbára ẹ́ńjìnnì kò dín kù. Ó ti kúrò níbi tí òun àti ara ọkọ̀ ti ń bára wọn mu ni.

Ẹ wo ìṣirò tèmi. Jẹnẹrétọ̀ náà jẹ́ kílò 650, irin tó ń bá a mì jẹ́ bíi 150, àpapọ̀ 800. Líle irin méjì àkọ́kọ́ jẹ́ 9,800,000 N/m. Ẹ fi 800 pín in, ẹ wá gbòǹgbò rẹ̀, ẹ fi 2π pín in: 17.6 Hz. Ẹ́ńjìnnì ń ti í ní 25, tó jẹ́ ìlọ́po 1.42 iye yẹn. Ìlọ́po yìí là ń pè ní r. Òun ló ń sọ iye ìgbà tí mìmì á fi ju ohun tí agbára kan náà ì bá tẹ̀ ká ní ó dúró jẹ́ẹ́, iye yẹn ni D:

```
D = 1 / √( (1 − r²)² + (2ζr)² )
```

ζ ni ohun tó ń pa mìmì. Irin tí a jó pọ̀ kì í pa mìmì púpọ̀, ẹnjiníà lo 0.02. Pẹ̀lú r tó jẹ́ 1.42, D jẹ́ bíi 1. Agbára tí kò dọ́gba yẹn, ẹ jẹ́ ká ní 200 N, á mi pèpéle ní 0.02 mìlímítà péré. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi bínú nígbà yẹn.

Wẹ́dà wá fi irin méjì kún un, líle di ìlọ́po méjì, 19,600,000. Mìmì àbínibí gòkè láti 17.6 sí 24.9 Hz. Ẹ tún un kà. A fi owó ara wa gbé e lọ bá 25. D gòkè láti 1 sí bíi 24. Irin ti le ní ìlọ́po méjì, síbẹ̀ mìmì di ìdá mẹ́rin mìlímítà, ó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ìlọ́po méjìlá. Ìdá mẹ́rin mìlímítà lè dà bí nǹkan kékeré, àmọ́ ìgbà 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá ló ń ṣe é, láti àárọ̀ dòru nígbà tí wọn kò bá mú iná wá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ àbúrò mi ti wúlò nìyí, ẹ sì lè fi fóònù ṣe é lálẹ́ òní lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ní kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, kí wọ́n pa á, kí ẹnì kan gbé ọwọ́ lé pèpéle bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fà sílẹ̀. Tí gbígbọ̀n bá kọ́kọ́ pọ̀ sí i kó tó kú, a jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì gba iye àbínibí kọjá bó ṣe ń bọ̀ wálẹ̀. Pèpéle yín wà nísàlẹ̀ 25 nìyẹn, irin tí ẹ bá fi kún un á gbé e súnmọ́ ewu. Tó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ́ńjìnnì sáré tán ló burú jù, tó sì ń dín kù lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n pa á, ó ti wà ní 25 tàbí lókè rẹ̀. Níbẹ̀ nìkan ni wẹ́dà yín lè rí ọ̀rọ̀ sọ.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ iye rẹ̀ gan-an, áàpù kan tó ń jẹ́ phyphox wà lórí fóònù tó lè wọn mìmì. Kí wọ́n gbé fóònù lé irin, kí wọ́n fi pákó gbá pèpéle lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n wo iye Hz tí ìlà mìmì ti yọ sókè jù nínú àwòrán rẹ̀. Àṣìṣe méjì ni àbúrò mi ṣe níbí. Lákọ̀ọ́kọ́, ó wọ̀n ọ́n nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ó sì fi 25 ránṣẹ́ sí mi. Ẹ́ńjìnnì ló kà, kì í ṣe pèpéle. Lẹ́yìn náà, ó wọ̀n ọ́n nígbà tí wọ́n ti gbé jẹnẹrétọ̀ kúrò, ó rí bíi 57, inú wa dùn fún ọjọ́ kan. Pèpéle tí kò gbé ẹrù ni 57. Ẹrù ní láti wà lórí rẹ̀, kó sì dákẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ra tiyín ní Amẹ́ríkà, ẹ bi ẹni tó so ó pọ̀ bóyá ó dín ìyára rẹ̀ kù. Iná tibẹ̀ jẹ́ 60 Hz, irú ẹ́ńjìnnì yìí sì máa ń yí ní 1800 níbẹ̀. Bí wọ́n bá dín in kù sí 1500 fún iná tiwa, títì rẹ̀ ti kúrò ní 30 wá sí 25.

Ohun tó yanjú tèmi ni rírọ̀, kì í ṣe líle. Ẹnjiníà náà ní ọ̀nà ìrọ̀rùn kan tí mo fẹ́ràn: ẹ wo iye mìlímítà tí ẹrù tẹ ohun tó gbé e, òun ni δ.

```
f = 15.8 / √δ
```

0.4 mìlímítà ni 25 Hz, ojú ewu. 0.8 mìlímítà ni 17.6, ibi tí agbára ti ń kọjá bó ṣe wà. Títẹ̀ gbọ́dọ̀ ju 0.8 lọ kí ẹ tó jèrè. Ẹ kíyè sí i pé títẹ̀ ń kún ara wọn. Nítorí náà, rọ́bà táyà líle tí gbogbo ayé ń fi sábẹ́ jẹnẹrétọ̀ lè ṣe ìpalára. Orí pèpéle tó le dáadáa tó tẹ̀ ní 0.15 péré, tí rọ́bà bá fi 0.25 kún un, ẹ ti fi owó ra 0.4.

A yọ irin méjì yẹn. A ra sípíríìnì mẹ́rin tí jẹnẹrétọ̀ tẹ̀ ní mìlímítà 8. Mìmì àbínibí rẹ̀ bọ́ sí 5.6 Hz, r sì di 4.5. Bíi ìdá kan nínú ogún agbára náà ló ń dé pèpéle báyìí. Ó máa ń jà díẹ̀ tí wọ́n bá ń tàn án tàbí tí wọ́n bá ń pa á, nítorí ó gbọ́dọ̀ gba 5.6 kọjá. Kó kàn yára kọjá ni. Apá ibi tí ẹ́ńjìnnì wà wúwo ju òdìkejì lọ, torí náà ẹ má jẹ́ kí wọ́n ra mẹ́rin tó dọ́gba láìwọn igun kọ̀ọ̀kan. Páìpù èéfín àti páìpù díísẹ̀lì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó ń rọ̀. A gbàgbé èéfín lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ògiri ṣì ń gbọ̀n, mo sì fẹ́ fi ẹnjiníà gégùn-ún kí wọ́n tó rí i pé páìpù líle yẹn ló ń gbé mìmì náà lọ sínú ilé.

Lẹ́tà ẹnjiníà náà pa ọ̀dà pupa rẹ́ lẹ́yìn ìgbà mẹ́rin tí àbúrò mi lọ jókòó dè wọ́n. Ẹ ní kí àbúrò yín pa jẹnẹrétọ̀ náà lálẹ́ òní, ọwọ́ lórí irin, kẹ́ ẹ wá sọ ohun tó gbọ́ fún wa kí wẹ́dà tó rí owó yín.