Ìbéèrè tí mo bi Alàájì ní sítọ́ọ̀ dísẹ̀lì

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ́dítọ̀ tuntun ni mí ní Àbújá. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo máa lọ bi olùtọ́jú sítọ́ọ̀ kan ní ìbéèrè. Báwo ni mo ṣe máa béèrè tí kò fi ní rò pé olè ni mo pè é?"

Àbúrò, má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àṣìṣe tí o rí nínú ìwé. Ohun tí mo ṣe ní Kánò nìyẹn, ó ṣì ń dùn mí. Mo dúró lórí Alàájì tó ń tọ́jú sítọ́ọ̀ dísẹ̀lì, lójú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ méjì, mo ní: "Kí ló dé tí ẹ ò fọwọ́ sí fáúṣà yìí?" Ó rọra pa bín-káàdì tó ń kọ iye dísẹ̀lì tó wọlé àti èyí tó jáde sí dé, ó tì í sínú dúróà, ó ní kí n kọ̀wé sí ọ̀gá òun. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ní àwọn ò rí kọ́kọ́rọ́. Mo jókòó síwájú ilẹ̀kùn títì nínú oòrùn Kánò, owó òtẹ́ẹ̀lì ń gorí owó, ọ̀gá mi ń pè mí láràárọ̀ pé iṣẹ́ dà. Mo bínú sí àwọn tó kọ́ wa ní sẹminá. Ìbéèrè bẹ́ẹ̀-ni-bẹ́ẹ̀-kọ́ ni wọ́n kó lé wa lọ́wọ́, wọn ò sọ fún wa pé àgbàlagbà kì í fẹ́ kí wọ́n tú òun wò lójú ọmọ iṣẹ́ òun.

Lọ́jọ́ kẹrin, mo lọ bá a lóun nìkan. Mo kí i ní Háúsá, mo fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ní: "Alàájì, ẹ mú dísẹ̀lì tó dé kẹ́yìn, ká jọ tẹ̀ lé e láti ẹnu géètì dé inú ìwé yín." Ara rẹ̀ balẹ̀, ó ń ṣàlàyé. Mo wá ní: "Bí ọkọ̀ bá dé lẹ́yìn tí ẹ ti lọ sílé ńkọ́?" Mo dákẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó ní gáàdì ló ń gbà á lóru, pé iye tó wà lórí wébíìlì lòun ń kọ sínú bín-káàdì láàárọ̀, ẹnikẹ́ni kì í ti ọ̀pá ìwọ̀n bọ táńkì. Òun ò lè fọwọ́ sí ohun tí òun ò rí. Ó ti sọ fún ọ̀gá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ka ohun tí o kọ sílẹ̀ fún olùtọ́jú sítọ́ọ̀ náà kó o tó dìde, kó lè tún un ṣe. Má ṣèlérí pé o máa bò ó láṣìírí, torí ìjábọ̀ kì í ṣe tìrẹ nìkan. Má sì fi àdéhùn sí ọ̀sán Jímọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá jọ ti olè, dá ìbéèrè dúró, kó o lọ sọ fún ọ̀gá rẹ. Ìwádìí ọ̀daràn kì í ṣe iṣẹ́ rẹ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan kì í sì í tó ẹ̀rí. Mo gba ìwé géètì, mo fi wé wébíìlì: ọkọ̀ mẹ́rin nínú mẹ́fà ló wọlé lẹ́yìn aago mẹ́jọ alẹ́.