Ẹ̀dínwó fún Ẹni Tó Bá Ra Púpọ̀: Orí Páálí Wo Ló Yẹ Kó Ti Bẹ̀rẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Gààrí inú ọ̀rá ni mò ń ṣe ní Adó-Èkìtì, mo sì ń tà á ní páálí fún àwọn onísọ́ọ̀bù ní Adó àti Ìkẹ́rẹ́. Mo fẹ́ máa yọ ìdá mẹ́wàá owó fún ẹni tó bá ra páálí 10 lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ tí mo bá tà ni yóò bo ohun tí mo yọ. Ṣé ìdá mẹ́wàá pọ̀ jù, àbí kí n yọ ìdá ogún?

ÌDÁHÙN: Mà, kí a tó sọ iye tí ẹ máa yọ, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ orí páálí tí ẹ fẹ́ yọ ọ́. Ọ̀rọ̀ “ọ̀pọ̀ ni yóò bò ó” yìí ti sú mi í gbọ́, nítorí àwọn tó ń sọ ọ́ kì í sábà fi bírò ṣírò rẹ̀ wò.

Ká ní ẹ ń ta páálí kan ní ₦10,000, tí gààrí, ọ̀rá àti páálí fúnra rẹ̀ sì ná yín ní ₦8,000. Èrè yín jẹ́ ₦2,000. Bí ẹ bá yọ ìdá mẹ́wàá, ₦1,000 ni, inú ₦2,000 yẹn ni yóò sì ti jáde, nítorí àwọn tí ẹ ń ra gààrí lọ́wọ́ wọn kò yọ kọ́bọ̀ fún yín. Ìdajì èrè ti lọ nìyẹn. Oníbàárà tó ń ra páálí 6 tẹ́lẹ̀ ń mú èrè ₦12,000 wá fún yín. Bí ẹ̀dínwó bá mú kí ó ra 12, ₦12,000 náà ni ẹ óò rí, bẹ́ẹ̀ ẹ ti di gààrí ní ìlọ́po méjì, ẹ sì ti kó owó sílẹ̀ ní ìlọ́po méjì.

Ẹnu ààlà gan-an ló burú jù. Ẹni tó ra páálí 9 yóò san ₦90,000. Ẹni tó ra 10, ní ₦9,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦90,000 náà ni yóò san. Ẹ fi páálí kẹwàá ta á lọ́rẹ nìyẹn, èrè yín sì já láti ₦18,000 sí ₦10,000. Àwọn onísọ́ọ̀bù Ìkẹ́rẹ́ mọ ìṣirò dáadáa. Ẹni tó bá ti ń ra 9 tẹ́lẹ̀ kò tún ní ra 9 mọ́.

Ohun tí mo máa ń ní kí àwọn oníbàárà mi ṣe ni pé kí ẹ̀dínwó má kan gbogbo páálí, kí ó kan èyí tó bá lé lórí ààlà nìkan. Ẹ ṣí ìwé ìtajà yín ti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, kí ẹ wo iye tí wọ́n sábà máa ń rà lẹ́ẹ̀kan. Bó bá jẹ́ 6 ni ọ̀pọ̀ wọn ń rà, ẹ fi ààlà sí 8: páálí kìíní dé ìkẹjọ jẹ́ ₦10,000, láti orí ìkẹsàn-án lọ ó di ₦9,000. Ẹni tó bá gòkè láti 6 sí 12 yóò mú ₦16,000 wá lórí mẹ́jọ àkọ́kọ́ àti ₦4,000 lórí mẹ́rin tó kù, àpapọ̀ ₦20,000 dípò ₦12,000. Ẹni tó ti ń ra 12 kí ẹ tó gbé ẹ̀dínwó jáde, tó sì ń mú ₦24,000 wá, yóò já sí ₦20,000. Ìyẹn ni pé ẹnì kan tó gòkè lè bo àdánù orí ẹni méjì tí ẹ kàn ta lọ́rẹ, kò sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ka orúkọ wọn nínú ìwé. Bí àwọn tó ti ń ra 12 bá pọ̀, ẹ gbé ààlà náà sókè tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí páálí tó ń jáde lẹ́ẹ̀kan náà tàn yín; àpapọ̀ ohun tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan rà láàárín oṣù mẹ́ta ni kí ẹ máa wò. Ẹni tó ń ra 6 lẹ́ẹ̀mejì lóṣù tẹ́lẹ̀ lè wá máa ra 12 lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Gààrí tó ń tà kò pọ̀ sí i, èrè yín sì ti dín ní ₦4,000. Bí ẹ̀yin bá ni ẹ ń san owó ọkọ̀ dé Ìkẹ́rẹ́, tí ìrìn kan sì ń ná yín ju ₦4,000 lọ, ẹ ṣì jèrè. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ pàdánù. Ẹ tún ṣọ́ àwọn onísọ́ọ̀bù méjì tí wọ́n máa ń da owó pọ̀ rà lórúkọ ẹnì kan. Ẹni tó ń ra àwìn kò sì gbọdọ̀ rí ẹ̀dínwó gbà rárá, nítorí owó yín tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti jẹ́ ẹ̀dínwó tirẹ̀.

N kò tíì rí ìwé yín, nítorí náà ẹ má ṣe lẹ iye tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ mọ́ ògiri sọ́ọ̀bù. Ẹ ṣírò ohun tí páálí kan ń ná yín ní tòótọ́, kí ẹ ka owó àwọn tó ń dì í àti èyí tó máa ń ya dànù lọ́nà mọ́ ọn. Bí ó bá jẹ́ ₦9,000 ló já sí, ẹ̀dínwó ₦1,000 yẹn ti jẹ gbogbo èrè tán, mi ò sì ní gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ yọ ju ₦300 lọ lórí páálí èyíkéyìí.