Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí a kò pè nínú àwòrán ilé

"Ẹ jọ̀ọ́, Stable Diffusion máa ń fi pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kún ilé tí mo bá ní kó yà, fèrèsé rẹ̀ á sì wọ́. Ṣé àpótí Negative prompt ń ṣe nǹkan kan lóòótọ́?"

Ó ń ṣe é, ẹ̀gbọ́n mi, àmọ́ ó níbi tí agbára rẹ̀ mọ. Oníbàárà kan ní Akúrẹ́ níbí fẹ́ wo bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tó fẹ́ kọ́ sí Ọ̀bà-Ilé yóò ṣe rí. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mẹ́ta ni mo gbé fún un, fèrèsé òkè sì rí bí ike tí iná rà. Kò gbé iṣẹ́ fún mi mọ́. Ó dùn mí gan-an.

Ṣé ẹ rí i, mo ti kọ "no extra floors" sí àpótí òkè. Àṣìṣe ńlá nìyẹn. "No" kì í fi bẹ́ẹ̀ lágbára níbẹ̀; "floors" ni ẹ̀rọ máa ń dì mú. Àpótí kejì, Negative prompt yẹn, ni a ń kọ ohun tí a kò fẹ́ sí. Ní gbogbo ìgbésẹ̀ tí ẹ̀rọ bá gbé, ìṣirò méjì ló ń ṣe, ọ̀kan fún ohun tí a fẹ́, ọ̀kan fún ohun tí a kọ síbẹ̀, á wá máa ti àwòrán kúrò lọ́dọ̀ èkejì. CFG Scale ló ń sọ bí yóò ṣe tì í jìnnà tó. 7 ni mo ń lò. Bí ẹ bá fi í sí 1, àpótí náà kò ní ṣiṣẹ́ rárá. Ohun tí mo ń kọ síbẹ̀ rèé, láìsí "no"; 1.3 ń fi agbára kún ọ̀rọ̀ tó ṣáájú rẹ̀:

```
warped windows, crooked lines, (extra floors:1.3), floating balcony
```

Mo fi Seed kan náà, nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fi ń bẹ̀rẹ̀ àwòrán, ya ilé yẹn lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí àti láìsí i. Etí fèrèsé tọ́, báákónì tó léfòó lọ, àmọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan péré ló dín. Ìwọ̀n àwòrán ló fa ìyókù. Mo ń lo Stable Diffusion 1.5, tó kọ́ iṣẹ́ lórí àwòrán 512 sí 512, mo wá fi gíga rẹ̀ sí 1024. Àyè òkè yẹn ṣófo, ó ń to ilé lé ilé láti fi dí i. Nígbà tí mo yí i sí fífẹ̀ 768 àti gíga 512, ó di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan.

Ní àpótí òkè, ẹ kọ "two-story house" fún pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, nítorí àwọn ará Amẹ́ríkà ń ka ilẹ̀ mọ́ ọn.

Àwọn fèrèsé kéékèèké ọ̀ọ́kán ló kù. Ẹ̀rọ ń ya àwòrán ní kékeré, ìlọ́po mẹ́jọ ló fi ń fẹ̀ ẹ́ níkẹyìn, nítorí náà fèrèsé tí kò ju ogún píksẹ́lì lọ kò ní àyè tó láti tọ́, ohun yòówù kí ẹ kọ. Hires. fix, tó ń fẹ àwòrán tóbi tó sì ń tún un yà, ni mo fi ń tún ìyẹn ṣe.