Èèpo igi ni à ń sè, ewé olóòórùn ni à ń rẹ

Ìbéèrè: Mo ra èèpo awópa, egbò orúwo àti ewé tíì lọ́wọ́ ìyá ẹléwé ọmọ kan ní Ọjà Ọba, Òṣogbo. Wọ́n ní kí n se èèpo àti egbò náà dáadáa, ṣùgbọ́n kí n má jẹ́ kí ewé tíì hó. Ṣebí inú ìkòkò kan náà ni gbogbo wọn ń lọ?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni ìyá náà sọ fún yín. Wọ́n lè jọ wà nínú ìkòkò kan, ṣùgbọ́n wọn kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé ohun tí a ń wá lára èèpo yàtọ̀ sí èyí tí a ń wá lára ewé tíì. Èèpo awópa le, ó sì nípọn, inú rẹ̀ lọ́hùn-ún ni oje kíkorò tó ń sọ omi di pupa rúsúrúsú wà. Bí a bá kàn da omi gbígbóná lé e lórí, omi náà á ti tutù kí ó tó rí inú èèpo wọ̀. Iná tí kò dáwọ́ dúró ló ń rọ̀ ọ́ tí oje náà fi ń jáde díẹ̀díẹ̀, oje kíkorò yìí kì í sì í bá ooru fò lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni egbò orúwo.

Ní ti ewé tíì, tí àwọn mìíràn ń pè ní koríko ọba, òróró tí a ń gbọ́ òórùn rẹ̀ nígbà tí a bá fi ọwọ́ ra ewé náà ni a tìtorí rẹ̀ rà á. Ewé rọ̀, nítorí náà òróró yìí kì í pẹ́ jáde, bí omi bá sì ń hó lórí iná láìní ọmọrí, á bá ooru lọ. Nígbà tí òórùn àgbo bá gba gbogbo ilé kan, ohun tó yẹ kó wà nínú ife ló ti bọ́ sínú afẹ́fẹ́ yẹn. Ẹfínrín kò yàtọ̀ sí i.

Bí a ó ṣe ṣe é nìyí. Ẹ gé èèpo àti egbò wẹ́wẹ́ títí yóò fi tó ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ rẹ ẹ́ sínú nǹkan bí lítà kan àbọ̀ omi tútù fún ìgbà díẹ̀, pàápàá bí ó bá ti gbẹ, kí ẹ tó gbé e kaná. Tí ó bá ti hó, ẹ dín iná kù, kí ó máa hó jẹ́jẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, títí omi yóò fi kù bíi lítà kan. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ wá já ewé sí i, ẹ dé e pa fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Omi tó ń kán lábẹ́ ọmọrí wà lára oògùn náà, inú ìkòkò ni kí ẹ gbọ̀n ọ́n sí, lẹ́yìn náà kí ẹ sẹ́ ẹ. Ìkòkò amọ̀ ló dára jù, nítorí pé ìkòkò irin máa ń sọ omi èèpo igi di dúdú.

Kì í ṣe gbogbo egbò ni à ń sè pẹ́, kì í sì í ṣe gbogbo ewé ni iná ń bà jẹ́. Abẹ́ ilẹ̀ ni ata ilẹ̀ ti ń wá, síbẹ̀ òórùn rẹ̀ ni agbára rẹ̀. Ẹ gé e tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ má jẹ́ kí ó pẹ́ lórí iná. Èso èèrù le, ṣùgbọ́n olóòórùn ni, nítorí náà ẹ fọ́ ọ kí ẹ tó fi í sí i ní ìparí. Ewé máńgòrò tó ti gbó, ẹ̀wẹ̀, nípọn, kò sì ní òórùn tó ṣeé ṣọ́, nítorí náà ó lè hó.

Àwọn ewé kan tilẹ̀ wà tí kò fẹ́ iná rárá. Nígbà tí Tu Youyou, obìnrin onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Ṣáínà, ń wá oògùn ibà, ìwé àtijọ́ kan ló rí kà tó ní kí a rẹ ewé kan sínú omi, kí a fún un, kí a sì mu oje rẹ̀. Ó fura pé ooru ló ń ba ewé náà jẹ́, ó wá fi ooru díẹ̀ péré fa agbára rẹ̀ jáde. Iṣẹ́ yìí ló gba ẹ̀bùn Nóbẹ́ẹ̀lì fún un ní 2015. Bí àwa náà ṣe ń fún ewúro ní tútù nìyẹn.

Ibi tí mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣi í ṣe ni gbígbé àgbo kaná láràárọ̀. Èèpo lè fara da èyí títí omi rẹ̀ yóò fi ṣì, tí kò ní korò mọ́, nígbà náà ni ó ti tán. Ṣùgbọ́n ewé tí ẹ rẹ lánàá yóò hó pẹ̀lú rẹ̀ ni. Ẹ kó ewé kúrò ní ọjọ́ kìíní, kí ẹ máa rẹ tuntun nínú ife lọ́tọ̀. Bí ó bá jẹ́ ibà ni ẹ tìtorí rẹ̀ rà á, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn, kí ẹ má sì fún aboyún tàbí ọmọ kékeré ní omi èèpo yìí, nítorí pé kíkorò rẹ̀ kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni bí oje náà ti pọ̀ tó nínú ife.