Má ra ripọ́ọ̀tù dókítà: ìdáhùn fún ẹni tó fẹ́ tọrọ àfikún ọjọ́

Ìbéèrè: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Múṣin ni mo ń gbé. Àjọ tó fẹ́ fún mi níwèé-ẹ̀rí ní kí n fi iṣẹ́ mi ránṣẹ́, ó pẹ́ tán, lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹfà. Àìsàn dá mi dùbúlẹ̀ láti ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún. Wọ́n gbà mí sí ọsibítù lọ́jọ́ 29, wọ́n dá mi sílẹ̀ lọ́jọ́ 5 oṣù Kẹfà, dókítà sì ní kí n sinmi di ọjọ́ 15. Ọ̀rẹ́ mi mọ ẹnì kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó tó lè bá mi ṣe ripọ́ọ̀tù dókítà kíákíá, ó ní ká fi ẹ̀jẹ̀ ríru kún un kó lè wúwo. Báwo ni kí n ṣe kọ ímeèlì náà?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má débẹ̀. Inú máa ń bí mi sí ọ̀rọ̀ yìí, torí mo ń gbọ́ ọ lemọ́lemọ́: ẹni tó ṣàìsàn lóòótọ́, tí fáìlì rẹ̀ wà ní ọsibítù, á lọ fowó ra ayédèrú.

Mo ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ kíka irú ẹ̀bẹ̀ yìí. Nọ́ńbà tí a bá fúnra wa wá rí la fi ń pe ọsibítù, kì í ṣe èyí tó wà lórí lẹ́tà. A ó bi wọ́n bóyá ọ̀dọ̀ wọn ló ti jáde. A tún lè wádìí orúkọ dókítà náà lọ́dọ̀ MDCN, àjọ tó ń forúkọ àwọn dókítà sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Tí ọsibítù bá ní àwọn kò mọ̀ nípa ẹ̀, kò sẹ́ni tó tún máa sọ̀rọ̀ àfikún ọjọ́ mọ́; ẹjọ́ èrú ló kù, ìwé-ẹ̀rí fúnra rẹ̀ sì lè bá a lọ. Ayédèrú ìwé jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin pẹ̀lú. Èmi kì í ṣe agbẹjọ́rò, nítorí náà n ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀jẹ̀ ríru tí ẹ fẹ́ fi kún un kò wúlò rárá. A kì í fi bí àìsàn ṣe wúwo tó pín ọjọ́ fúnni. Ohun tí ẹni tó ń ka ìwé rẹ ń wá ni ọjọ́: láti ìgbà wo di ìgbà wo ni o kò lè ṣiṣẹ́, dókítà wo ló sì jẹ́rìí sí i? Àyàfi tí ìlànà wọn bá bèèrè fún un, o ò tiẹ̀ ní láti dárúkọ àìsàn náà. Òfin ìdáàbòbò dátà ti ọdún 2023 ní Nàìjíríà ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ohun tó gba ìṣọ́ra pàtàkì, nítorí náà yéé fi èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti fọ́tò orí bẹ́ẹ̀dì ránṣẹ́ kiri. Rìsíìtì oògùn náà kò tó. Owó tí o san ló ń sọ.

Mú káàdì rẹ lọ síbi tí wọ́n ń tọ́jú fáìlì ní ọsibítù, kọ lẹ́tà kúkúrú pé o ń fẹ́ ripọ́ọ̀tù, san owó rẹ̀, kí o sì gba rìsíìtì. Ní kí wọ́n kọ ọjọ́ ìgbàwọlé, ọjọ́ ìdásílẹ̀ àti ọjọ́ ìsinmi sí i, pẹ̀lú orúkọ dókítà, ìbuwọ́lù àti òǹtẹ̀. Ó lè pẹ́ kó tó jáde, ṣùgbọ́n má tìtorí ẹ̀ dúró. Ìwé ìdásílẹ̀ rẹ ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ tó bá dé kí ọjọ́ 14 tó kọjá rọrùn láti gbọ́ ju èyí tó dé lẹ́yìn rẹ̀ lọ, àwọn àjọ mìíràn kì í tilẹ̀ wo ti ẹ̀yìn.

Ọjọ́ mélòó ni kí o bèèrè? Láti ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún sí 14 oṣù Kẹfà, ọjọ́ 19 ló kù fún ọ, àìsàn sì jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Ìsinmi rẹ parí lọ́jọ́ 15. Ka ọjọ́ 19 láti ọjọ́ 16, wàá bọ́ sí ọjọ́ 4 oṣù Keje. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kí o dá. “Ẹ fún mi láyè díẹ̀” kò ṣeé fọwọ́ sí.

Kọ orúkọ rẹ àti nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ sí àkọlé ímeèlì. Ní Gẹ̀ẹ́sì ni wàá kọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tí yóò sọ nìyí:

“Mo bẹ̀ yín kí ẹ sún ọjọ́ tí n ó fi iṣẹ́ ránṣẹ́ láti 14 oṣù Kẹfà sí 4 oṣù Keje. Àìsàn kò jẹ́ kí n lè ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún. Mo wà ní ọsibítù láti ọjọ́ 29 oṣù náà sí 5 oṣù Kẹfà, dókítà sì ní kí n sinmi di ọjọ́ 15. Ìwé ìdásílẹ̀ mi àti rìsíìtì owó ripọ́ọ̀tù wà pẹ̀lú ímeèlì yìí. N ó fi ripọ́ọ̀tù náà ránṣẹ́ bó bá ti jáde. Mo gbà kí ẹ bi ọsibítù bóyá òótọ́ ni àwọn ìwé náà.”

Ó tó bẹ́ẹ̀. Fi PDF tí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ìwé hàn nínú rẹ̀ ránṣẹ́. Tí àjọ náà bá ní fọ́ọ̀mù tirẹ̀ fún irú ẹ̀bẹ̀ yìí, fọ́ọ̀mù náà ni kí o lò. Ìdáhùn tí ẹ̀rọ fi ránṣẹ́ pé “a ti rí ìwé rẹ” kì í ṣe pé wọ́n ti gbà. Bí o kò bá rí èsì gidi títí di ọjọ́ 12, pè wọ́n, kí o sì béèrè bóyá o lè fi ìwọ̀nba tí o ti ṣe ránṣẹ́ kí ọjọ́ 14 tó kọjá láìjẹ́ pé wọ́n kà á sí iṣẹ́ tó ti parí.