Kí ló dé tí fáríáńsì sáńpù fi ń gba n − 1?

"Ẹ̀yin àgbà inú ilé yìí, ẹ jọ̀ọ́. Iṣu 5 ni mo wọ̀n ní Ọjà Ọba l'Ádó fún pírójẹ́ẹ̀tì mi. Kí ló dé tí wọ́n ní kí n fi 4 pín, kì í ṣe 5, nígbà tí mo ń wá fáríáńsì? Kí tún ni df tí mo ń rí nínú SPSS?"

Àbúrò, ẹni tó bá sọ fún ọ pé "torí pé sáńpù rẹ kéré ni" kò tíì dá ọ lóhùn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń lé ọmọ iléèwé jáde ní ọ́fíìsì nìyẹn. Ohun tó fà á ni pé inú iṣu 5 yẹn náà lo ti rí áfírééjì tí o wá ń fi wọn ìyàtọ̀ wọn.

Ká sọ pé kílò 2, 5, 4, 7 àti 2 ni wọ́n wọ̀n. Áfírééjì wọn, 4. Yọ 4 lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, sọ èyí tó kù di ìlọ́po ara rẹ̀, kó wọn pọ̀, 18 ni wàá rí. Ìyẹn ò le. Ibi tó ti le nìyí: kì í ṣe iṣu 5 yìí lo fẹ́ mọ̀, gbogbo iṣu ọjà ni. Áfírééjì ọjà ló yẹ kí o fi wọn ìyàtọ̀, o ò sì mọ̀ ọ́n. Ká ní kílò 5 ni, àpapọ̀ rẹ ì bá jẹ́ 23. Ká ní kílò 3 ni, 23 náà ni. Ká ní 4.5 ni, 19.25. Òǹkà yòówù kí o mú yàtọ̀ sí 4, àpapọ̀ á ju 18 lọ, torí pé áfírééjì iṣu tìrẹ ti lọ dúró síbi tó ti sún mọ́ wọn jù. Nítorí náà, 18 yẹn lè bá èyí tó yẹ kí o rí dọ́gba, ó sì lè dín sí i, àmọ́ kò lè jù ú lọ láé.

Báwo ló ṣe ń dín tó? Wo 23 àti 18: 5 ló sọnù, ìyẹn 5 × (4 − 5)². Iye iṣu lọ́nà ìlọ́po ara àlàfo tó wà láàárín áfírééjì tìrẹ àti ti ọjà. Tí o bá ń mú iṣu 5 mìíràn léraléra, àlàfo yẹn á máa yí padà, ṣùgbọ́n fáríáńsì áfírééjì iṣu 5 jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún fáríáńsì ọjà, o sì tún fi 5 sọ ọ́ di púpọ̀. Fáríáńsì ọjà ẹyọ kan ló ń sọnù bí a bá pín in dọ́gba. Ó yẹ kí àpapọ̀ rẹ gbé fáríáńsì ọjà 5, 4 ló gbé. 4 náà ni kí o fi pín in, ìyẹn n − 1, tí n jẹ́ iye iṣu tí o wọ̀n.

Má tìtorí pé mo sọ ọ́ gbà á o. Mú bébà. Ká ní iṣu 3 péré ló wà ní gbogbo ọjà, kílò 2, 4 àti 6. Áfírééjì jẹ́ 4, àpapọ̀ ìlọ́po jẹ́ 8, fi 3 pín in, 2.67 ni fáríáńsì ọjà. A fi 3 pín torí odindi ọjà ló wà lọ́wọ́ wa. Wàyí o, mú iṣu kan, wọ̀n ọ́n, dá a padà, kí o tó mú ìkejì. Ọ̀nà 9 ló lè gbà wáyé. Tó bá jẹ́ iṣu kan náà lo mú lẹ́ẹ̀mejì, òdo ni àpapọ̀. Ọ̀nà 3 nìyẹn. 2 àti 4, áfírééjì wọn 3, ìyàtọ̀ 1 àti 1, àpapọ̀ 2. Bẹ́ẹ̀ náà ni 4 àti 2, 4 àti 6, 6 àti 4. 2 àti 6, áfírééjì wọn 4, ìyàtọ̀ 2 àti 2, àpapọ̀ 8, bẹ́ẹ̀ náà ni 6 àti 2. Kó mẹ́sẹ̀ẹ̀sán pọ̀, 24.

Tí o bá fi 2 pín ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, 24 á di 12. Pín in sí ọ̀nà 9, 1.33. Ìdajì òótọ́ péré! Tí o bá fi 1 pín, ìyẹn n − 1, 24 ṣì ni. Pín in sí 9, 2.67. Ohun tó wà lọ́jà gan-an.

Ẹ dákun, ẹ dá iṣu yẹn padà o. Bí o ò bá dá a padà, iṣu kejì ò lè jẹ́ ti àkọ́kọ́ mọ́, 4 lo máa rí dípò 2.67, wàá wá máa bú mi. Nínú ọjà tó tóbi, kò sí wàhálà yìí.

Àwọn kan á tún sọ fún ọ pé tí sáńpù bá ti kọjá 30, kí o máa fi n pín lọ. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ pé kí a lo táblì t tàbí z ni 30 yẹn ti wá. Ní 30, àṣìṣe náà jẹ́ bíi 3 nínú 100: ó kéré, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ df, ìwọ̀n òmìnira nìyẹn. Ìyàtọ̀ 5 tìrẹ ni −2, 1, 0, 3, −2. Rò wọ́n pọ̀, òdo. Iṣu yòówù kí o wọ̀n, òdo ni. Torí náà, bí mo bá fọwọ́ bo ìkarùn-ún, o ti mọ̀ ọ́n láì wo òṣùwọ̀n. Mẹ́rin ló lè ṣe bó ṣe wù wọ́n, ìkarùn-ún ti di dandan, df = 4. Gbogbo ohun tí o bá kọ́kọ́ díwọ̀n láti inú sáńpù náà, ẹyọ kan ló ń jẹ. Tó bá jẹ́ pé láti ibòmíràn lo ti mọ áfírééjì ọjà, kò jẹ ohunkóhun, 5 ni kí o fi pín. Tí o bá ń fa ìlà tààrà la inú dátà, ibi tí ìlà ti bẹ̀rẹ̀ àti bó ṣe ń gòkè, méjì lo díwọ̀n, n − 2 ni.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú di ọ́ pé kò yé ọ. Karl Pearson fúnra rẹ̀, tó gbé àyẹ̀wò χ² jáde ní 1900, gbà pé df táblì 2 × 2 jẹ́ 3. Ọdún 1922 ni R. A. Fisher wá fi hàn pé 1 ni: bí àpapọ̀ ìlà àti ti òpó bá ti dúró, òǹkà kan ṣoṣo tí o bá kọ sínú àpótí kan ti pàṣẹ fún mẹ́ta tó kù. Pearson ò gbà fún un.

Ṣọ́ra fún ẹ̀rọ. Lórí Casio, `sx` ni n − 1, `σx` ni n. Gbòǹgbò fáríáńsì ni méjèèjì. SPSS ń lo n − 1 nínú Descriptives. Nínú Excel, iṣu 5 yẹn á jáde báyìí:

```
=VAR.P(A1:A5)   3.6
=VAR.S(A1:A5)   4.5
```

Tó bá jẹ́ iṣu kan lo wọ̀n, `VAR.S` á kọ `#DIV/0!`, `VAR.P` á ní 0, bí ẹni pé gbogbo iṣu ọjà ló wúwo bákan náà. Má gba 0 yẹn.

Ohun tí àwọn olùkọ́ kì í sọ ni pé fáríáńsì nìkan ni n − 1 tún ṣe tán. Bí o bá wá gbòǹgbò rẹ̀, ó ṣì máa ń dín. Nínú ọ̀nà 9 ìṣáájú, áfírééjì gbòǹgbò jẹ́ 1.26, gbòǹgbò 2.67 sì jẹ́ 1.63. Má tìtorí ẹ̀ yí ohunkóhun padà nínú pírójẹ́ẹ̀tì rẹ; gbòǹgbò tí a fi n − 1 rí ni wọ́n ṣe táblì t fún.